Ó kí mi, ó sì dákẹ́: ta ló kàn láti sọ̀rọ̀?

Aláǹkárá Ọjà Ọba: Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Oníbàárà tuntun kan kọ̀wé sí mi lórí Wásáàpù láàárọ̀ àná, ní 9:10: “Ẹ káàárọ̀ mà.” Ó mọ síbẹ̀. Èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó di aago 11 kí n tó ráyè fèsì pé “Ẹ káàárọ̀ o.” Àmì méjèèjì ti di búlúù, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí di ìsinsìnyí. Ṣé kí n bi í léèrè ohun tó fẹ́ ni, àbí kí n fi sílẹ̀?

Dípò Ondó: Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rajà á sọ ohun tó fẹ́ rà. Búlúù ti fi hàn pé ó rí i, ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò rí i ni. Kí irú ẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀, ẹ gba Wásáàpù ti oníṣòwò sórí fóònù yín, kí ẹ tan Greeting message. Gbogbo ẹni tó bá kí yín ni yóò máa dá lóhùn fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ̀yin ẹ máa ta aṣọ yín lọ.

Màmá Ẹ̀yìn Kọ́ńtà: Dípò, apá kan ọ̀rọ̀ rẹ dára, màá padà sórí ẹ̀. Àmọ́ oníbàárà yẹn kò dákẹ́ o. Aláǹkárá ló ń dúró dè.

Ẹ wò ó báyìí. Bí ó bá jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni, ó kí ọ, o dá a lóhùn, lẹ́yìn náà ìwọ olọ́jà lo máa bi í pé kí ni ká mú wá. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Òun náà ń retí kí ó rí bẹ́ẹ̀ lórí fóònù. Ìkíni nìkan lo dá padà, kò sí ìbéèrè kankan nínú ẹ̀. Lójú tirẹ̀, ìwọ ló kàn. Lójú tìẹ, òun ló kàn. Ẹ̀yin méjèèjì wá jókòó, ẹ ń wo ara yín.

Ní ṣọ́ọ̀bù, bí o bá tilẹ̀ gbàgbé láti bi í, ojú rẹ ń rí aṣọ tó fọwọ́ kàn, òun náà sì ń rí i pé o ń wọn aṣọ fún ẹlòmíràn, á ní sùúrù. Lórí fóònù kò rí ìkankan nínú ìyẹn. Ohun tó rí ni pé ó kí ènìyàn, wọn ò sì dáhùn fún bíi wákàtí méjì.

Bàbá Ìdànrè: Mi ò mọ ohun tí ayé ń dà. Ọmọlúàbí kí yín ní àárọ̀, ẹ wá ń fi í ṣẹjọ́ níta gbangba. Ṣé ìkíni ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Aláǹkárá Ọjà Ọba: Bàbá, ẹ má bínú sà. Inú mi dùn sí ìkíni náà. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe sí.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ FUTA: Lọ́dọ̀ àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, a ti parí ẹjọ́ yìí tipẹ́. Ojú ewé kan wà tó ń jẹ́ nohello.net, ohun tó sì ń sọ kò gùn: má kí ènìyàn kí o wá dákẹ́, kí i, kí o sì béèrè ohun tí o fẹ́ nínú ẹsẹ̀ kan náà. Ìdí ni pé ẹni tí o kí ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì tíì mọ ohun tó ń dúró dè. Ẹni tó bá kí mi nìkan, mi ò ní dá a lóhùn títí yóò fi sọ̀rọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fi ìlujá ojú ewé yẹn ránṣẹ́ sí i.

Bàbá Ìdànrè: Ẹ fi ránṣẹ́ sí ta? Sí ẹni tó dàgbà jù yín lọ? Kí ó kí, kí ó sì sọ ohun tó fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn yé mi, àwọn tó ń tẹ tẹligíráàmù láyé àtijọ́ pàápàá kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò nítorí owó ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó kí ọ wá gba ìwé ẹ̀kọ́ ilé dípò èsì, èébú ni.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ FUTA: Mo gbọ́ sà. Láàárín àwa ẹlẹgbẹ́ ni mò ń sọ. Mi ò lè fi ránṣẹ́ sí oníbàárà tàbí sí àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ẹ̀ pé ẹni tó ń béèrè nǹkan ló yẹ kó sọ̀rọ̀.

Dípò Ondó: Ẹ ṣáà padà sí búlúù. Ó rí i, kò dáhùn. Kí ni a tún ń wá?

Màmá Ẹ̀yìn Kọ́ńtà: Búlúù kàn sọ pé wọ́n ṣí ojú ìwé náà lórí fóònù rẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ń fi fóònù ṣeré. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsí búlúù kò túmọ̀ sí pé kò kà á: ẹni tó bá ti pa àmì ìkàwé, tàbí tó kà á látorí ìkéde tó yọ lókè fóònù, kò ní búlúù. Àmì kan ṣoṣo ni kí o mọ̀ dájú pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bóyá fóònù ti kú tàbí kò sí dátà. Èyí tí kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ 30, Wásáàpù á pa á rẹ́.

Ohun tí màá fẹ́ kí Aláǹkárá wò ni àkókò. Tẹ “Ẹ káàárọ̀ o” tìẹ yẹn mọ́lẹ̀ díẹ̀, lọ sí àmì tó ní dọ́ọ̀tì mẹ́ta lókè, kí o tẹ Info. Yóò sọ aago tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ àti aago tí wọ́n kà á. Aago kíkà yẹn ni kí o sọ fún wa.

Aláǹkárá Ọjà Ọba: Mo wò ó, mà. 11:00 ló dé, 11:01 ni wọ́n kà á.

Màmá Ẹ̀yìn Kọ́ńtà: Hẹn-ẹn. Ìṣẹ́jú kan péré. Ó ṣeé ṣe kí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó ṣì ń retí rẹ ní aago 11. Ká ní alẹ́ ló tó kà á ni, ǹ bá ní ó ti gba ibòmíràn lọ. Èsì rẹ ló ṣí, tó rí i pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀, tó gbé fóònù sílẹ̀.

Nítorí náà, kọ ìwé kan sí i lónìí, ọ̀kan péré:

“Ẹ káàsán mà/sà. Ẹ má bínú pé èsì mi pẹ́ lánàá. Ṣé àǹkárá ni ẹ ń wá ni, àbí léèsì?”

Wo ìbéèrè yẹn dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan ni èsì rẹ̀, ó lè tẹ̀ ẹ́ bó tilẹ̀ wà lórí ọ̀kadà. Má bi í pé “Kí lẹ fẹ́?” torí nínú ìwé, kò sí ohùn tó máa rọ̀ ọ́, ìbínú ló máa ń jọ. “Ẹ kò dá mi lóhùn mọ́” burú jù, ẹ̀sùn nìyẹn. Má sì da àwòrán aṣọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé e lórí, ó ń jẹ dátà rẹ̀, ẹni tí kò tíì sọ ohun tó fẹ́ kò ní mọ èyí tó máa wò.

Bí ó bá dákẹ́ sí ìyẹn náà, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí o kọ ẹyọ kan sí i nígbà tí ọjà tuntun bá dé. Bí kò bá dáhùn, ó tó. Ẹni tó ń kọ ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin ni wọ́n máa ń dínà mọ́.

Dípò Ondó: Kí ló dé tí kò kàn pè é?

Màmá Ẹ̀yìn Kọ́ńtà: Ẹni tó yan ìwé kíkọ lè wà níbi iṣẹ́ tàbí nínú ìpàdé. Mi ò ní pè é kí ó tó dáhùn lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá Ìdànrè: Èmi á pè é. Ohùn ènìyàn ló ń parí irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Ìyá Ìbejì: Tèmi náà rèé o. Nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ ń kí mi “Hi” láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwòrán arẹwà obìnrin ló gbé sójú. Ó kí, ó dákẹ́, ó tún kí. Ṣé kí n bi í pé léèsì ni àbí àǹkárá?

Màmá Ẹ̀yìn Kọ́ńtà: Ìyá Ìbejì, rárá o. Ìyẹn yàtọ̀. Wo iwájú nọ́ńbà náà. Tiwa níbí +234 ni. Bí ó bá jẹ́ ti ìlú òkèèrè, tí o ò sì ní ará níbẹ̀, má dáhùn rárá. Èsì kan ṣoṣo ti sọ fún un pé nọ́ńbà rẹ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà á ní òun ṣi nọ́ńbà tẹ̀, á ní ìwà rẹ dára, ọ̀rẹ́ á bẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ okòwò á wọlé. Tẹ Block, kí o sì fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Wásáàpù. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí o fi nọ́ńbà oníka mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù rẹ ránṣẹ́, olè ni, ì báà jẹ́ nọ́ńbà àbúrò rẹ ló fi kọ̀wé.

Ìyá Ìbejì: Ṣùgbọ́n olọ́jà ńkọ́? Gbogbo nọ́ńbà tó ń kọ̀wé sí i ni kò mọ̀.

Màmá Ẹ̀yìn Kọ́ńtà: Òótọ́ ni. Ìbéèrè ọjà ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀. Oníbàárà á dáhùn nípa aṣọ. Gbájúẹ̀ á fò ó, á bi ọ́ pé báwo ni ìdílé.

Dípò, mo ní màá padà sórí tìẹ. Greeting message kì í dáhùn gbogbo ìgbà. Ẹni tó ń kọ̀wé sí ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ló ń dá lóhùn, tàbí ẹni tí ẹ kò bá ara yín sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 14. Oníbàárà tó ra yáàdì mẹ́fà lọ́jọ́ Ajé, tó tún kí ọ lọ́jọ́ Ẹtì, kò ní rí i gbà. Fóònù rẹ sì gbọ́dọ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Àbùkù tó tún burú ju ìyẹn lọ ni ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ sínú ẹ̀. “Ẹ ṣé tí ẹ kàn sí wa, a ó dáhùn láìpẹ́.” Kò sí ìbéèrè níbẹ̀ náà, oníbàárà á tún jókòó. Lọ sí Business tools, tẹ Greeting message, kí o kọ ọ́ báyìí: “Ẹ káàbọ̀. A wà ní ṣọ́ọ̀bù, a sì ń dá oníbàárà lóhùn lọ́wọ́. Ẹ kọ irú aṣọ àti iye yáàdì tí ẹ fẹ́, a ó fi àwòrán àti iye owó ránṣẹ́.” Nígbà tí o bá ráyè, ohun tó fẹ́ ti wà nílẹ̀.

Dípò Ondó: Ti ọjọ́ 14 yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n. Abájọ.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ FUTA: Ẹ̀yin náà ti wá sọ ohun tí mò ń sọ, ẹ kàn jẹ́ kí ẹ̀rọ sọ ọ́.

Bàbá Ìdànrè: Ẹ̀rọ kí i dáadáa kó tó béèrè. Ìwọ kò kí i.

Aláǹkárá Ọjà Ọba: Mo ti fi ránṣẹ́, bí Màmá ṣe kọ ọ́ gan-an. Ó ti di búlúù. Ó ń tẹ̀wé... ó dúró... ó tún ń tẹ̀wé. Ṣé kí n fi kún un?

Màmá Ẹ̀yìn Kọ́ńtà: Má tẹ nǹkan kan. Jẹ́ kí ó parí.

Aláǹkárá Ọjà Ọba: Ó dáhùn o! “Ẹ káàsán mà. Àǹkárá ni mo fẹ́ lánàá, yáàdì mẹ́fà, ṣùgbọ́n mo ti rí i rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ ní gèlè tó bá a mu?” Ó fi àwòrán aṣọ náà sí i.

Dípò Ondó: Àǹtí, kí lẹ tún ń ṣe níbí? Ẹ lọ wo gèlè.