Ẹ má kàn kọ "kò sí" sínú fọ́ọ̀mù aláboyún

Èrò ọkàn mi rèé lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún aláboyún lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ lọ forúkọ oyún sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Aṣúbíaró níbí ní Òṣogbo, ìbáà jẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kékeré ní Òkè-Fìà. Ìlà kan wà níbẹ̀ fún oògùn tí ara ẹni kò gbà. Ọ̀pọ̀ ló ń sáré kọ "kò sí" síbẹ̀, torí èrò pọ̀ lẹ́yìn wọn. Èmi ò rí ìlà tó tún yẹ ká fara balẹ̀ sí tó o.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù karùn-ún. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n fún un ní Sẹ́ptírìn nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Lọ́jọ́ kejì ara rẹ̀ sú, ètè rẹ̀ wú, ìyá rẹ̀ sì ní kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́. Ó ti pẹ́, wọn ò sì torí ẹ̀ dá a dúró sílé ìwòsàn, ló bá kọ "kò sí". Bẹ́ẹ̀, oògùn kan wà tí wọ́n máa ń fún aláboyún kí ibà má baà bá oyún jà: Fánsídà, hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n tún un fún un lẹ́yìn oṣù kan, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó bímọ. Orúkọ Fánsídà kò jọ ti Sẹ́ptírìn, ṣùgbọ́n èròjà kan tí wọ́n ń pè ní súlúfà wà nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tí súlúfà ti bá jà rí kò yẹ kó gbé Fánsídà mì, torí bó bá le, awọ ara lè máa bó, kí ẹnu àti ojú di egbò. Nọ́ọ̀sì tó bá ka "kò sí" kò ní ohunkóhun tó máa dá a lọ́wọ́ kọ́. Bó bá rí òótọ́ kà, ilé ìwòsàn á wá ọ̀nà mìíràn láti dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà.

Ohun tó yẹ kí obìnrin yìí kọ kò gùn: "Sẹ́ptírìn. Ara sú, ètè wú, lọ́jọ́ kejì. Nílé ẹ̀kọ́ girama." Orúkọ oògùn, ohun tó ṣe, ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí lórí yín mọ́, ẹ kọ àìsàn tí wọ́n fi wò àti ohun tó fojú rí. Kí inú kàn rú ẹni lẹ́yìn oògùn yàtọ̀ sí èyí. Síbẹ̀ ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, dókítà á yà wọ́n sọ́tọ̀. Lójú tèmi, ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ìbá dára kí wọ́n béèrè pé: "Oògùn wo lẹ lò rí tí ara yín sú, tí ojú yín wú, tàbí tí ẹ ò lè mí dáadáa?" Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìbéèrè yẹn tí kò ní rántí.

Ìlà oògùn tí à ń lò lọ́wọ́ ló tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú àwọn aláboyún ti ń ra fólíkì ní kẹ́míìsì kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀, wọn kì í sì í kọ ọ́, torí wọn ò kà á sí oògùn. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kọ iye mílígíráàmù tó wà lára páálí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé mílígíráàmù 0.4 lóòjọ́ ló bá Fánsídà mu. Tó bá tó 5, kò ní jẹ́ kí Fánsídà ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Dókítà lè ní ìdí tó fi ní kí ẹnìkan lo 5, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń lo Sẹ́ptírìn lójoojúmọ́ náà kò gbọdọ̀ fi pamọ́, torí wọn kì í pa á pọ̀ mọ́ Fánsídà. Àgbo náà wọ ìlà yìí. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ kó gbogbo páálí sínú ọ̀rá kan, kí ẹ gbé e dání lọ.

Ní ti ìbátan tí wọn yóò pè, ẹni tó máa gbé fóònù, tó sì lè tètè dé Òṣogbo ni kí ẹ kọ. Bí ọkọ bá ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ẹ kọ ọ́, kí ẹ fi nọ́ḿbà ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà nítòsí kún un. Kì í ṣe ẹni tó máa jogún yín ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀.

Ẹni tó bá ní ìbánigbófò ìlera, kó da nọ́ḿbà rẹ̀ kọ láti ara káàdì, kó má fi orí kọ ọ́. Orúkọ inú fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ bá ti káàdì mu. Bí orúkọ bàbá yín bá wà lórí káàdì, tí ẹ wá fi orúkọ ọkọ kún fọ́ọ̀mù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má rí yín nínú ìwé wọn, kí wọ́n ní kí ẹ sanwó. Ẹ wo orúkọ ilé ìwòsàn tó wà lórí káàdì náà pẹ̀lú. Bí kì í bá ṣe ibi tí ẹ jókòó sí, ẹ béèrè ìwé ìtọ́kasí kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín.