Orin tó ń ta ko ìran ni mo fẹ́

Èrò ọkàn mi rèé, ẹ lè bá mi jiyàn. Orin tó bá ń tún ohun tí ojú ti rí sọ kò ṣe fíìmù láǹfààní kan. Èyí tó bá ń sọ nǹkan mìíràn ló máa ń yí ìtumọ̀ ohun tí à ń wò padà. Ibi tí mo ti rí i tó hàn jù ni ìparí Dr. Strangelove, fíìmù tí Stanley Kubrick ṣe lọ́dún 1964.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan tí orí rẹ̀ ti dàrú ló rán bàálù lọ ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Rọ́ṣíà láìgbàṣẹ. Rọ́ṣíà ní tiwọn ti ṣe ẹ̀rọ kan sílẹ̀: bí bọ́ǹbù bá ti balẹ̀ lórí ilẹ̀ wọn, ẹ̀rọ náà yóò pa ayé run fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá a dúró. Wọ́n gbìyànjú láti dá àwọn bàálù náà padà, ṣùgbọ́n rédíò ọ̀kan ti bàjẹ́. Ìyẹn ju tirẹ̀. Bí fíìmù ṣe ń parí lọ, ìbúgbàmù átọ́míìkì ló kù tí à ń wò, ọ̀kan ń tẹ̀ lé òmíràn, èéfín ràgàjì ń ru sójú ọ̀run. Àwòrán ìdánwò bọ́ǹbù gidi ni wọ́n lò.

Ohun tí à ń gbọ́ lásìkò yẹn ni ohùn Vera Lynn, obìnrin olórin ará Gẹ̀ẹ́sì, nínú orin tí wọ́n ń pè ní We'll Meet Again. Orin ọdún 1939 ni, ọdún tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀, òun sì ni àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé fi ń tu ara wọn nínú. Ohun tó ń sọ kò ju pé a óò tún pàdé, n kò mọ ibi, n kò mọ ìgbà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé a óò pàdé lọ́jọ́ kan tí oòrùn bá ràn.

Ẹ wo ohun tí ìran náà wá fi ọ̀rọ̀ orin yẹn ṣe. Nínú ogun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ orin náà fún, ọ̀pọ̀ sójà kò padà wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí wọn ì bá padà sí wà níbẹ̀. Nínú fíìmù yìí, kò sí ilé, kò sí ẹni tí yóò pàdé ẹnì kan. Ìlérí ti di ẹ̀sín. Oòrùn tí orin ń sọ náà ràn lóòótọ́, àfi pé bọ́ǹbù ni. Ká ní fèrè ogun àti ìlù ẹ̀rù ni Kubrick fi síbẹ̀, ìkìlọ̀ lásán ni ìbá jẹ́, a ó sì ti gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò lè wo apá yẹn láìsí ohùn, kó tó wá tan ohùn. Yóò rí i pé ojú kan náà ló fi wò ó, àmọ́ kì í ṣe ohun kan náà ló rí.

(Lóṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé, Ọbabìnrin Elizabeth fi gbólóhùn inú orin yìí parí ọ̀rọ̀ tó bá ará ìlú rẹ̀ sọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.)

Ọgbọ́n yìí ní ibi tó mọ. Àwọn tó wo fíìmù náà ní 1964 mọ orin yẹn láti ìgbà ogun. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò gbọ́ pé ó dùn, pé ó rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí orin àyálò kì í fi í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Orin tí àwọn òǹwòran tìrẹ ti ń kọ tipẹ́ ni kí o lò.

Ibí ni mo ti fẹ́ kan àwọn tó ń ṣe fíìmù Yorùbá lára díẹ̀. Kí ìyá ọkọ tó wọlé, olórin ti ń kọ ọ́ lórin pé ìkà ni. Kí ìyàwó tó sunkún, wọ́n ti ń kọrin pé ojú ń pọ́n ọn. Kí la tún ń wò? Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé ìyàwó náà jáde, kó máa ko ẹrù rẹ̀ lọ, kí orin tí wọ́n fi ń mú ìyàwó wọlé sì máa ti inú rédíò aládùúgbò jáde wá. Kí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, nítorí bí ẹnì kan nínú eré bá ti tọ́ka sí orin náà, ó bàjẹ́ nìyẹn.

Wọ́n á ní àwọn òǹwòran wa fẹ́ àlàyé. Èmi ò gbà. Àwọn òǹwòran yìí náà ló ń gbọ́ ohun tí gángan ń sọ lóde àríyá, tí wọ́n ń wo ara wọn lójú, nígbà tí ẹni tí wọ́n ń fi ìlù bú ṣì ń náwó fún onílù.