Ìṣílé kékeré fún 40 àlejò: ṣé ó tọ́ kí a kọ aago ìparí sínú ìwé ìpè?

Onílé Tuntun: Ẹ kú ìjókòó o. Oṣù tó kọjá ni èmi àti ìyàwó mi kó wọ ilé tuntun wa, a sì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ránpẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Àwọn tí ó yẹ kí a pè tó 40, pálọ̀ wa kò sì gbà ju 20 lọ. Báwo ni a ṣe lè ṣe é láì yá àga, láì gba alásè, kí oúnjẹ sì kárí?

Ìyá Alásè: Ẹ kú oríire ilé o, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ilé náà tù yín lára. Ẹ má ṣe pe gbogbo wọn sí aago kan náà. Ẹ pe 20 sí aago 12 títí di aago 2, kí ẹ sì pe 20 yòókù sí aago 3 títí di aago 5. Wákàtí kan tí ó wà láàárín ni ẹ ó fi fọ abọ́, tí ẹ ó fi gbá ilẹ̀, tí ẹ ó sì fi gbé ìkòkò kejì ka iná. Ẹbí àti àwọn tí wọn yóò gbàdúrà ni kí ó kọ́kọ́ wá, kí àwọn ará ibiṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ tẹ̀ lé wọn. Bí ẹ bá kàn kọ pé “láti aago 12 títí di aago 5,” tí ẹ rò pé wọn yóò máa wọlé díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò dé pọ̀ láàárín wákàtí kan, ẹnu ọ̀nà ni ẹ ó sì ti jẹun.

Ìwé ìpè kò nílò ọ̀ṣọ́ kankan, ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Irú èyí tó: “A fẹ́ kí ẹ bá wa dúpẹ́ nínú ilé wa tuntun ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, láti aago 3 sí aago 5. Oúnjẹ ọ̀sán wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ iye ènìyàn tí ó ń bọ̀ láti ilé yín, ó kéré tán ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ náà.” Ẹ fiyè sí i pé iye ènìyàn ni mo ní kí ẹ béèrè. Ẹni tí ẹ bá bi pé ṣé ó ń bọ̀ yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò sì mú mẹ́ta dání.

Àgbà Àdúgbò: Mo kí yín, Ìyá Alásè, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọ̀rọ̀ aago ìparí yìí. Ẹni tí ó kọ aago tí àlejò yóò lọ sínú ìwé tí ó fi pè é, ó ti ń lé e kí ó tó dé. Bí ọmọ mi bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, n ó gbàdúrà fún un láti ilé mi, n kò sì ní lọ. Pípín tí ẹ pín wọn pàápàá ń bí ìbéèrè: ṣé àwọn tí ó wá ní aago 3 kò ní rò pé àjẹkù ni a gbé fún àwọn?

Ọmọ Ìkẹyìn: Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ni ẹ̀ ń mú un le. Kí wọ́n se ìrẹsì àti ọbẹ̀ papọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà, kí ẹni tí ó bá dé sì máa bù ú. Bí ó bá tutù, kí wọ́n tún un gbé ka iná, iná a máa pa gbogbo kòkòrò.

Ìyá Alásè: Ọmọ mi, o jàre nípa ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrẹsì kò rí bẹ́ẹ̀. A lè se ọbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáájú, kí a bù ú sínú àwọn abọ́ tí kò jìn kí ó lè tètè tutù, kí ó wọ firíìjì láàárín wákàtí 2, kí a sì sè é títí yóò fi hó dáadáa lọ́jọ́ kejì. Kòkòrò kan wà nínú ìrẹsì tí irúgbìn rẹ̀ kì í kú nígbà tí a bá ń sè é. Bí ìrẹsì bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, irúgbìn náà yóò hù, yóò sì tu májèlé tí gbígbóná lẹ́ẹ̀kejì kì í bà jẹ́. Kúlà kì í mú nǹkan gbóná, ohun tí a bá gbé sí i ni ó ń pa mọ́. Mo dé ibi ayẹyẹ kan tí wọ́n ti se ìrẹsì ní ìdájí, tí wọ́n dà á sínú kúlà tí kò kún dé ìdajì. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní aago 3, oru kankan kò jáde, omi orí ìdérí ti kán padà sórí oúnjẹ, ìrẹsì ìsàlẹ̀ sì ti ń fà. Àwọn yẹn ríran rí i, wọ́n sì dà á nù, ṣùgbọ́n èyí tí kò rùn, tí kò fà, lè ṣe ènìyàn níjàǹbá pẹ̀lú. Bí ẹ bá ní ohun tí a fi ń wọn ìgbóná oúnjẹ, kí àárín rẹ̀ má wálẹ̀ ju 60°C lọ.

Nítorí náà, Onílé Tuntun, gíráàmù 100 ìrẹsì tútù tó fún àgbàlagbà kan, kílò 4 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ se kílò 2 kí aago 12 tó lù, kí ẹ sì se kílò 2 yòókù nígbà tí àwọn ti àkọ́kọ́ bá ń lọ. Kílò 2 yóò wú tó bíi kílò 5 tí ó bá jinná, ìkòkò líta 10 yóò sì gbà á láì kún jù. Kíka ni kí ẹ ka ẹran: 2 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi 10 lé e. Ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ kó sọ́tọ̀ fún àwọn aago 3 kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Bàbá wa, ẹni tí ó bá rí ìkòkò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kò ní pè é ní àjẹkù. Ní ti aago ìparí, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín: kí wọ́n fi ẹsẹ̀ lọ pe àwọn àgbà, kí wọ́n má fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn rárá.

Alájọgbé: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí àwọn tí ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí ẹ tó pe ẹgbẹ́ olórin. Nígbà tí ẹnì kan ṣílé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé sípíkà rẹ̀ ti ògiri tí a jọ ní, ọmọ mi kò sì tíì pé oṣù 2. Kì í ṣe orin gan-an ni mo ń gbọ́, ohùn ìsàlẹ̀ tí ń lu ògiri kì-kì-kì ni, ife orí tábìlì mi ń gbọ̀n. Ì bá ti gbé e kúrò lára ògiri, kí ó gbé e lé orí tìmùtìmù, kí ó sì dín ohùn ìsàlẹ̀ náà kù, n kì bá tí gbọ́ ìdajì rẹ̀. Kò tilẹ̀ pè mí.

Onílé Tuntun: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Alájọgbé, a kò ní lọ́kàn láti pe olórin, sípíkà kékeré kan ni a ní, ṣùgbọ́n ara ògiri tí àwa àti aládùúgbò jọ ní gan-an ni mo fẹ́ gbé e sí. N ó gbé e lọ sí òdìkejì, a ó sì pe aládùúgbò náà sí ti aago 3. A ó pín àlejò sí ọ̀nà méjì, ìyàwó mi sì ti ń kọ orúkọ. Ìyá mi nìkan ni kò tíì gbà. Ó ní gbogbo ẹni tí yóò jẹun gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà, àti pé òun kò ní jókòó ti àdúrà tí ìdajì àlejò kò ṣe àmín sí.

Àgbà Àdúgbò: Ọ̀dọ̀ ìyá yín ni mo wà. Ẹ gba àdúrà kúkúrú mìíràn ní aago 3, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró dè é. Lórí aago ìparí, n kò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ìyá Alásè: Àdúrà kejì yẹn dára. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 10 péré, nítorí ìrẹsì ti ń dúró lórí iná.