Ìjínigbé 2,235,954: ta ló kà á, báwo ló sì ṣe kà á?

Adéwálé: Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gbé àbájáde ìwádìí jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Wọ́n ní láàárín oṣù Karùn-ún 2023 sí oṣù Kẹrin 2024, ìjínigbé 2,235,954 ló ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, àti pé owó ìtúsílẹ̀ tí àwọn ìdílé san lé ní tírílíọ̀nù méjì náírà. Iye tí àwọn ọlọ́pàá máa ń kà fún wa kò sún mọ́ èyí rárá. Èwo nínú méjèèjì ni irọ́?

Múyìwá: Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro lójú tèmi, ti ọlọ́pàá ni irọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá wo ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé agbègbè òun ti bàjẹ́? Àwọn olùwádìí lọ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn nínú ilé wọn, wọ́n bi wọ́n léèrè, wọ́n sì kọ èsì wọn sílẹ̀. Ìwádìí kan náà sọ pé nínú àwọn ìdílé tí olè wá jà nílé, 36.3 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Òkùnkùn ni àwọn yòókù wà, ìwádìí ló sì tan iná sí wọn.

Ìyá Ṣeun: Èmi wà lára àwọn tó lọ fi ẹjọ́ sùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn olè já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé wa ní nǹkan bí agogo méjì òru, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀, wọ́n gbé tẹlifíṣàn, wọ́n sì gbé àpótí kan tí ìwé ilẹ̀ wa wà nínú rẹ̀. Nígbà tí mo dé àgọ́ ọlọ́pàá láàárọ̀, ẹni tó jókòó sídìí káńtà bi mí pé ṣé kí wọ́n wá olè ni mo fẹ́ ni, àbí ìwé tí n óò fi gba ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé kí wọ́n wá olè ni, èmi ni n óò ra epo sínú ọkọ̀ wọn. Mo ní ìwé ni kí wọ́n fún mi. Ó gba owó lọ́wọ́ mi, ó sì kọ ọ́ pé ìwé ilẹ̀ mi "sọnù". Kò sí jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀, kò sí ilẹ̀kùn tí wọ́n já, kò sí olè. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi títí di òní.

Àdùkẹ́: Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ṣeun. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá wọn ṣe irú ìwádìí yìí láti ilé dé ilé, ohun tí ẹ sọ yìí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí. Bí olùwádìí bá kan ilẹ̀kùn yín, tó bi yín pé ṣé ẹ sọ fún ọlọ́pàá, ẹ óò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ sì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wá wo ìwé àgọ́ náà, kò ní rí olè kankan níbẹ̀, ìwé tó sọnù ni yóò rí. Nítorí náà, kì í ṣe àwọn tí kò fi ẹjọ́ sùn nìkan ló wà nínú òkùnkùn. Ẹjọ́ tí wọ́n sùn gan-an lè kú sórí káńtà, kí wọ́n sì fi orúkọ mìíràn sin ín.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Múyìwá, ibi tí ẹ ti sọ pé ìwádìí tan iná sí i ni mo ti yà lọ́dọ̀ yín. Kò sẹ́ni tó ka ìjínigbé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tó fi dé 2,235,954. Ìdílé díẹ̀ ni wọ́n bi léèrè, wọ́n sì sọ èsì wọn di púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tí mo kàn dá sílẹ̀ ṣe é. Ká sọ pé a bẹ ìdílé 10,000 wò kí wọ́n dúró fún ìdílé mílíọ̀nù 40. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ fún 4,000. Bí ìdílé 25 péré bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní oṣù mẹ́rìnlá sẹ́yìn bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù méjìlá tí a béèrè, ìjínigbé 100,000 ti wọ inú ìwé tí kò ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà. Àwọn 25 yẹn kò parọ́ o. Ohun tó dunni wọra máa ń dà bí àná lọ́kàn ẹni. Ìdí nìyí tí a fi máa ń bi wọ́n pé, "Ṣé kí wọ́n tó búra fún Ààrẹ ni, àbí lẹ́yìn ìyẹn? Ṣé ìrẹsì Kérésìmesì ti tán nílé nígbà náà?" Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí tiwọn láti ọdún 1973, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń padà sí ilé kan náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọn kò sì fi ohun tí wọ́n gbọ́ ní ìbẹ̀wò àkọ́kọ́ kún iye. Wọ́n kàn ń lò ó bí ààlà ni, kí ohun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ má baà padà wọlé.

Alàgbà Fátókun: Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ohun tí ó yẹ ká máa bèèrè ni pé ṣé ìjínigbé ń pọ̀ sí i ni àbí ó ń dínkù. Nígbà tí a wà ní ọ̀dọ́, ènìyàn a rìn láti Iléṣà dé Àkúrẹ́ lóru. Ẹ wo ọ̀nà náà lónìí.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun, Bàbá. Ìbéèrè mìíràn nìyẹn, ìwádìí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò sì lè dá a lóhùn. Àfi kí wọ́n máa bèèrè ìbéèrè kan náà, lọ́nà kan náà, lọ́dọọdún.

Gbóyèga (Lọ́ńdọ̀nù): Ohun tí Ìyáàfin Àdùkẹ́ sọ fún Bàbá ni ó ṣẹlẹ̀ níbí. Láti ọdún 1982 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí irú rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wéèsì. Ní 2014, àjọ tó ń bẹ iṣẹ́ ọlọ́pàá wò tú ìwé wọn yẹ̀wò, wọ́n sì rí i pé 19 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀sùn tí wọ́n mú wá ni ọlọ́pàá kò kọ sílẹ̀, èyí tó lé ní 800,000 lọ́dún. Ti ìwà ipá burú jù: ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwọn ọlọ́pàá wá tún ọwọ́ ìwé kíkọ wọn ṣe, ni iye ìwà ipá nínú ìwé wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ga, nígbà tí ìwádìí láàárín ìdílé kò fi irú ìgasókè bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹni tó bá wo ìwé ọlọ́pàá nìkan yóò rò pé ìlú ti dàrú, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ pé bírò ló ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìwádìí náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, èyí ló sì ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ohun kan náà bá ṣẹlẹ̀ léraléra sí ẹnì kan láti ọwọ́ ẹnì kan náà, márùn-ún ni wọ́n ń kà mọ. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìgbà 52 lọ́dún, márùn-ún ni. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni pé bí irú obìnrin méjì tàbí mẹ́ta bá bọ́ sínú àwọn tí wọ́n bẹ̀ wò lọ́dún kan, tí wọn kò sì bọ́ sí i lọ́dún kejì, iye gbogbo ìlú yóò máa fò sókè sódò. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Lánkásítà wá mú ààlà náà kúrò, wọ́n sì rí i pé ìwà ipá fi nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ju iye tí wọ́n ń kà lọ. Ọdún 2019 ni wọ́n tó yí ọ̀nà ìṣirò náà padà. Ẹni tí ìyà jẹ jù lọ ni wọ́n gé tirẹ̀ kúrú jù lọ.

Múyìwá: Ìyẹn fi hàn pé kékeré ni ìwádìí máa ń sọ, kì í sọ púpọ̀. Nítorí náà, ìjínigbé tiwa lè ju mílíọ̀nù méjì lọ.

Àdùkẹ́: Ní ti ọkọ tó ń lu ìyàwó, mo gbà fún yín. Mo ti bi obìnrin léèrè rí nígbà tí ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga kejì, tó ń gbọ́. Ó ní kò sí nǹkan kan, mo sì kọ "kò sí" sílẹ̀. Ìjínigbé yàtọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń tijú láti sọ ọ́. Ẹ wo iye tí àjọ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde. Owó ìtúsílẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ nǹkan bí tírílíọ̀nù 2.23 náírà. Iye tí ìdílé kan san, bí a bá pín in dọ́gba, jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 2.67. Ẹ fi èkejì pín àkọ́kọ́, ẹ óò rí ìsanwó tó tó 835,000. Wọ́n ní ìdílé 65 nínú ọgọ́rùn-ún tí ó ṣẹlẹ̀ sí ló sanwó. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá sanwó lẹ́ẹ̀kan, àwọn ìdílé tí ọ̀rọ̀ kàn yóò tó nǹkan bí mílíọ̀nù 1.28. Ṣùgbọ́n ìjínigbé lé ní mílíọ̀nù 2.2. A jẹ́ pé ìdílé kan ń sọ nǹkan bí 1.7.

Níbẹ̀ ni mo ti ń ro bí ẹbí wa ṣe rí. Bí wọ́n bá jí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé, èmi náà yóò dá owó, àbúrò mi l'Ábẹ́òkúta yóò dá, ẹ̀gbọ́n mi yóò ta ilẹ̀. Bí olùwádìí bá bi mí pé ṣé wọ́n jí ẹnì kan gbé nínú ìdílé mi, kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwé ìbéèrè lè sọ pé àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà nìkan ni ìdílé, ṣùgbọ́n ẹni tó ta ilẹ̀ kò ní rántí ìkòkò. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n jí gbé lè tipa bẹ́ẹ̀ di mẹ́ta.

Múyìwá: Wọ́n sì lè jí mẹ́ta gbé nínú ilé kan náà lóru ọjọ́ kan. Bàbá, ìyá àti ọmọ. 1.7 kò fi hàn pé wọ́n kà á ní àkàtúnkà.

Àdùkẹ́: Òótọ́ ni, mi ò lè jiyàn ìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo láti mọ̀ ni kí a wo èsì ìdílé kọ̀ọ̀kan, kí a rí i bóyá "mẹ́ta" tí wọ́n kọ jẹ́ orí mẹ́ta, ìgbà mẹ́ta, tàbí ilé mẹ́ta.

Adéwálé: Ṣé kí n má lo iye náà rárá nìyẹn? Ọ̀rọ̀ kan ni mò ń kọ lórí ààbò ní ìpínlẹ̀ wa.

Àdùkẹ́: Èmi a lo ìfiwéra rẹ̀ ju àpapọ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n ní 1,420,307 ní Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n ní 117,494 ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn wa níbí. Bí àwọn ènìyàn bá ń ṣe àṣìṣe ìrántí bákan náà níhà méjèèjì, àlàfo ńlá tó wà láàárín wọn yóò ṣì dúró. Kì í ṣe ohun tí mo lè fi dá yín lójú pátápátá, nítorí ohun tí ojú mi rí.

Ní abúlé kan tí wọ́n rán wa lọ, orúkọ ilé tí a ó bẹ̀ wò ti wà nínú ìwé wa. Nígbà tí a dé ọ̀kan, koríko ti hù dé ojú fèrèsé, kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà sì ti dógùn-ún. Aládùúgbò wọn ní wọ́n jí bàbá ilé náà gbé, wọ́n tà gbogbo ohun tí wọ́n ní láti gbà á sílẹ̀, wọ́n sì kó lọ, kò mọ ibi tí wọ́n lọ. Mo pe ọ̀gá wa. Ó ní kí a fi ilé tó tẹ̀lé e rọ́pò rẹ̀, nítorí ohun tí òfin iṣẹ́ náà wí nìyẹn. Mo kan ilẹ̀kùn ilé kejì, mo bi wọ́n, wọ́n ní kò sẹ́ni tí wọ́n jí gbé nínú ìdílé àwọn. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyẹn.