Oúnjẹ àjẹjù kì í mú iṣan yára: iye àlékún tó tó ẹni tó ń gbé irin láìlo oògùn

"Jẹun! Bí o kò bá jẹun dáadáa, o ò lè tóbi." Kò sí ẹni tó ń gbé irin tí wọn kò tíì sọ èyí fún. Wọ́n á ní kó fi 500 kálórì kún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn á tiẹ̀ ní 1,000, wọ́n á sì ní kó má ka ọ̀rá tó bá bá a wá sí, pé bó bá yá yóò yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò bi ara wọn léèrè rí ibi tí 500 yẹn ti wá. Ó yẹ kí a bèèrè, torí pé fún ẹni tí kò lo sítẹ́rọ́ọ̀dì tàbí oògùn mìíràn tó ń mú iṣan wú, pàápàá ẹni tó ti ń gbé irin fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àlékún tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í mú kí iṣan yára dàgbà. Ọ̀rá ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń dà.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ìmọ̀ràn náà o. Ẹni tí ara rẹ̀ ti gbẹ, tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì tó ohun tí ara rẹ̀ ń ná lójúmọ́, iṣan rẹ̀ á máa falẹ̀. Bó bá fi díẹ̀ kún un, ìyàtọ̀ á hàn. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé bí díẹ̀ bá ṣe dáadáa, púpọ̀ á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tí a ń gbé ló ń pàṣẹ fún iṣan pé kó dàgbà, ara ẹni àti iye ọdún tí a ti fi gbé irin ló sì ń pinnu bó ṣe lè yára tó. Nígbà tí purotéènì bá ti tó, tí agbára inú oúnjẹ sì ti tó, àfikún mìíràn kò ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe lára iṣan mọ́. Oògùn ló máa ń ṣí ààlà yẹn sókè, ìdí rèé tí ìmọ̀ràn ẹni tó ń lo oògùn fi lè já sí òótọ́ fún òun, kó má sì já sí òótọ́ fún ẹni tí kò lò ó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ìṣirò yìí ló ń la ojú jù. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣan ni omi. Agbára tó wà nínú kílò kan iṣan kò ju bí 1,200 sí 1,500 kálórì lọ. Kílò kan ọ̀rá ara ní tirẹ̀ gba nǹkan bí 7,700. Ká wá mú ẹni tó ti ń gbé irin fún ọdún mẹ́ta. Bí a bá ní yóò rí ìdajì kílò iṣan lóṣù kan, a ti ṣojúure sí i gan-an. Agbára tó wà nínú ìdajì kílò yẹn kò pé 800 kálórì. Iṣẹ́ kíkọ́ iṣan náà tún ń ná agbára, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, kó jẹ́ bí 2,400. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi 500 kún oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́ ti kó 15,000 kálórì wọlé kí oṣù tó parí. Ó lé ní 12,000 tí iṣan kò fọwọ́ kàn. Ara lè jó díẹ̀ nínú rẹ̀ dànù, mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ikùn àti ẹ̀yìn ló ń gbà á.

Ẹ̀rí wà fún èyí láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ eré ìdárayá dénú. Ní 2013, Ina Garthe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nọ́wè gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn eléré ìdárayá gidi tó fẹ́ fi iṣan kún ara wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń jẹun bó ṣe wù wọ́n. Àwọn kejì ní olùdámọ̀ràn oúnjẹ tó ń rí i pé wọ́n jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oúnjẹ wọn sì fi bí 600 kálórì ju ti àwọn àkọ́kọ́ lọ lóòjọ́. Gbogbo wọn gbé irin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá. Nígbà tí wọ́n wọn ara wọn, àwọn tó jẹun jù ti fi nǹkan bí kílò 1.7 kún ara wọn láìka ọ̀rá, àwọn yòókù fi bí 1.2. Ìyàtọ̀ yẹn kéré débi pé ìṣirò kò lè fi ọwọ́ rẹ̀ sọ̀yà pé oúnjẹ ló fà á. Ọ̀rá ló wá sọ òkodoro ọ̀rọ̀: ọ̀rá àwọn tó jẹun jù fi ìdá 15 nínú 100 pọ̀ sí i, ti àwọn yòókù fi ìdá 3 péré.

Eric Helms àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tún wò ó ní 2023, lára àwọn tó ti mọ irin gbé. Àwọn kan kò fi nǹkan kún oúnjẹ wọn, àwọn kan fi ìdá 5 nínú 100, àwọn mìíràn ìdá 15. Àwọn tó parí ìwádìí náà kò tó ogún, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló sì gbà, nítorí náà kò yẹ ká gbé e ju bó ti mọ lọ. Ṣùgbọ́n ibi kan náà ló tọ́ka sí: bí ìwọ̀n ẹni bá ṣe ń yára gòkè sí ni ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ ń nípọn sí, èrè tó hàn lára iṣan kò sì tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá dé tí àwọn èèyàn fi ń búra pé àjẹjù ṣiṣẹ́ fún wọn? Ohun tí ojú wọn rí ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwọ̀n lè fò sókè kí iṣan tó yí padà rárá. Oúnjẹ inú ìfun ti pọ̀ sí i, iyọ̀ ti fa omi mọ́ra, iṣan náà sì ti fi ṣúgà pamọ́, gíráàmù kan ṣúgà yẹn sì ń gbé bíi gíráàmù mẹ́ta omi dání. Ẹ̀wù á fún, apá á kún, irin á fúyẹ́ lọ́wọ́. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan tuntun kọ́ nìyẹn.

Bí a bá fẹ́ yan àlékún, kálórì kọ́ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìwọ̀n ara yóò ṣe máa gòkè lọ́sẹ̀ ni ká kọ́kọ́ yàn, ká wá fi oúnjẹ lé e bá. Ẹni tó ti gbé irin fún ọdún kan sí mẹ́ta, gíráàmù 2.5 lọ́sẹ̀ fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀ tó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tó sì rù, lè dé gíráàmù 5, torí pé iṣan tirẹ̀ ṣì lè yára. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ gan-an á lọ sílẹ̀ ju 2.5 lọ. Ẹni tí ọ̀rá ti pọ̀ lára rẹ̀ lè má nílò àlékún kankan, torí agbára ti wà nípamọ́ lára rẹ̀. Purotéènì àti irin ló kù fún un.

Ìdí tí a kò fi lè gbára lé kálórì nìkan ni pé ara kò gba àfikún bákan náà. Ní 1999, James Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún èèyàn 16 ní 1,000 kálórì lé ohun tí ara wọn ń ná lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tí ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ sí i kéré jù kò fi ìdajì kílò kún un, ẹni tó pọ̀ jù fi kílò mẹ́rin lé díẹ̀. Ohun tó mú ìyàtọ̀ wá jù ni ìrìn, ìdìde àti ìjókòó tí èèyàn ń ṣe láìmọ̀. Àwọn kan, bí wọ́n bá ti jẹun sí i, ara wọn kì í gbélẹ̀ mọ́.

Ká mú ọkùnrin kan tó wọn kílò 80, tó ti gbé irin fún ọdún mẹ́ta. Gíráàmù 2.5 ní ọ̀nà 80 jẹ́ gíráàmù 200 lọ́sẹ̀, kílò 0.8 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kò fi nǹkan kún oúnjẹ rẹ̀. Ó ń gun òṣùwọ̀n láràárọ̀ lẹ́yìn tó bá ti tọ̀ tán, kó tó jẹun tàbí mu omi, ó sì ń kọ gbogbo ohun tó jẹ sílẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀, ó ro ìwọ̀n ọjọ́ méje pọ̀, ó pín in sí méje. Ọ̀sẹ̀ kìíní jẹ́ 80.1, èkejì 80.0. Ó ń jẹ bí 2,700 kálórì lóòjọ́, nítorí náà 2,700 ló ń gbé ara rẹ̀ dúró lójú kan. Ó wá fi 200 kún un, ó di 2,900. Purotéènì rẹ̀ kò lọ sílẹ̀ ju gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan, bí gíráàmù 130 lójúmọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àròpín rẹ̀ bọ́ sí 80.7. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń fòyà, tí wọ́n á gé oúnjẹ. Kò gbọ́dọ̀ gé e, omi ni. Orí ọ̀sẹ̀ kejì, tó jẹ́ 80.8, ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí àròpín bá dé nǹkan bí 81.6 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i, ó bára mu, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Bó bá dé 82.6, ó ti lé ní ìlọ́po méjì ohun tó yàn, kó yọ 100 sí 150 kúrò. Bó bá ṣì wà ní 80.9, ara rẹ̀ ti fi ìrìn jó àlékún náà, tàbí kó jẹ́ pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò pé, kó fi 100 kún un. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lápapọ̀ ni kó máa fi dájọ́, torí pé omi ara nìkan lè yí ìwọ̀n padà ju kílò kan lọ láàárín ọjọ́ méjì.

Kó tún máa fi tépù wọn ikùn ní ọ̀gangan ìdodo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láàárọ̀, láìfa ikùn wọlé. Ìwọ̀n tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ikùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lójú kan, tí irin sì ń wúwo sí i, ni a ń wá. Bí ikùn bá ń fi sẹ̀ǹtímítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ara rẹ̀ lóṣooṣù, oúnjẹ ti pọ̀ jù, kódà bí ìwọ̀n bá bára mu.

Ní ti "màá yọ ọ́ tó bá yá" yẹn, ẹni tó kó kílò mẹ́rin ọ̀rá jọ láàárín oṣù mẹ́rin, tó wá ń yọ ìdajì kílò lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni yóò fi jẹun dín. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn, iṣan tó ti dàgbà tẹ́lẹ̀ ló ń sapá láti dì mú. Ẹni tó lo àlékún kékeré ṣì ń kọ́ tirẹ̀ ní gbogbo àkókò náà.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìwọ̀n á máa gòkè bó ṣe yẹ, ikùn kò yọ jù, síbẹ̀ irin kò kúrò lójú kan fún oṣù kan tàbí méjì. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ má fi oúnjẹ kún oúnjẹ. Kó wo irin tó ń gbé: ṣé àtúngbé rẹ̀ tó lọ́sẹ̀, ṣé ó ń gbé e dé ibi tó ti ń nira, ṣé ó sì ń sùn tó.