Ta ló ní ọlọ́kọ̀ kàn lè wá gbé mọ́tò haya pọ́ṣéèsì lọ bẹ́ẹ̀?

Lánàá ni bọ̀dá kan tún ń wí i ní gáráàjì pé tóo bá ti jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ kan péré, ọlọ́kọ̀ á gbọ́kọ̀ ẹ̀, gbogbo owó tóo ti san ti wọgbó nìyẹn. Gbogbo ẹni tó jókòó ńbẹ̀ ń kan orí mọ́lẹ̀ bí alángbá. Ọ̀rọ̀ yẹn ti sú mi o, torí òun gan-an ló jẹ́ kí n panu mọ́ nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀.

Òfin haya pọ́ṣéèsì ti wà ní Nàìjíríà láti 1965. Tó bá jẹ́ mọ́tò, tóo bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún gbogbo owó tẹ́ ẹ kọ sínú ágírímẹ́ǹtì, ọlọ́kọ̀ ò lè fipá gbé e mọ́, àfi kó gba kọ́ọ̀tù lọ. Kóròpe tèmi, 3,000,000 náírà la kọ, mò ń san 30,000 lọ́sẹ̀. Ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ẹ̀ jẹ́ 1,800,000, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 60. Èmi ti san ọ̀sẹ̀ 70 kí ẹ́ńjìnì tó nọ́ọ̀kì, mi ò rí ọ̀sẹ̀ méjì san, ni ọlọ́kọ̀ bá kó géńdé méjì wá nídàájí, wọ́n gbé e nínú kọ́ḿpáǹdì wa, kò pé oṣù kan ó ti gbé e fún dẹ́rẹ́bà míì. Ìwé tí mo sáìnì sọ pé ó lè wọlé wá gbé e, mo rò pé ó parí. Lọ́yà kan tí mo gbé lẹ́yìn náà ló là mí lójú: òfin ò ka irú ìlà yẹn sí rárá, bó ṣe fipá gbé e yẹn, ágírímẹ́ǹtì ti kú, 900,000 tó kù ti pa rẹ́, ó sì yẹ kó dá 2,100,000 mi padà, kò ní yọ kọ́bọ̀.

Lóòótọ́, tóo bá ti jẹ gbèsè ìgbà mẹ́ta, ọlọ́kọ̀ lè wọ́ mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ ara ẹ̀ kó tọ́jú ẹ̀ títí kọ́ọ̀tù á fi sọ̀rọ̀, àwa tá à ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n kó tọ́jú ẹ̀ ni o, kì í ṣe kó tà á, tó bá bà á jẹ́ lójú ọ̀nà, ọrùn ẹ̀ ló wà. Tó ò bá tíì san tó ìdá yẹn ńkọ́, òfin yìí ò gbà ẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá jẹ́ ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé "mú un wá ná, ká jọ sọ̀rọ̀."

Lọ́yà ní kí n kó rìsíìtì wá. Mo tú gbogbo ilé, 41 ni mo rí nínú 70, ọwọ́-sí-ọwọ́ ni mo san ìyókù. 1,230,000 péré nìyẹn.