Iná ti lọ láti àná: ṣé jẹ́ńẹ́rétọ̀ ló yẹ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú nítorí fírísà?

Ìyá Búkà Mọ́kọ́lá: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àárọ̀ àná ni iná ti lọ ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn. Adìyẹ àti ẹja Táítọ́ọ̀sì ló kún fírísà mi. Ṣé kí n tan jẹ́ńẹ́rétọ̀ mọ́jú ni? Epo ti fẹ́ gbé èrè mi lọ tán.

Bàbá Oní-Fírísà: Ẹ má tàn án mọ́jú, màmá. Fírísà tó kún dẹ́nu, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè gbé ẹrù dé nǹkan bíi wákàtí 48 kó tó yọ́. Èyí tó kún dé ìdajì ò ju 24 lọ, ìyẹn ni mo ṣe máa ń ní kí wọ́n fi ike omi dídì dí àyè tó bá ṣófo. Ẹ tàn án fún wákàtí 3 tàbí 4 lálẹ́, kí ẹ sì pa ìdérí dé. Ọmọ tó ń ṣí fírísà nígbàkúùgbà tí oníbàárà bá béèrè ẹran ló ń ba ọjà jẹ́. Ẹ kó ohun tí ẹ máa sè lọ́jọ́ náà jáde lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, kí ẹ kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín.

Àdùnní Ẹlẹ́ja: Jẹ́ńẹ́rétọ̀ kékeré tèmi ò tilẹ̀ lè gbé fírísà. Á kàn máa kùn ni.

Bàbá Oní-Fírísà: Ẹ tètè yọ ọ́ lára iná! Agbára tí fírísà ń fà nígbà tó bá ń gbéra ju èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Tó bá ń kùn tí kò gbéra, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lè jóná.

Láńre Alásè: Ẹ̀yin náà ń da ara yín láàmú. Ẹja tó bá rọ̀, ẹ dín in gbẹ. Iná ń pa kòkòrò.

Nọ́ọ̀sì Tèmítọ́pẹ́: Ó ń pa kòkòrò, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n oró tí kòkòrò ti tú sínú Táítọ́ọ̀sì tí òtútù ti kúrò lára rẹ̀, díndín ò lè mú un kúrò. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, orí á fọ́ ọ, ara á máa yún un kí ó tó pẹ́. Ẹja náà sì lè má rùn rárá. Èyí tó ṣì le, tí yìnyín wà lára rẹ̀, ẹ lè dá a padà sínú fírísà. Èyí tó ti rọ̀, tí kò tutù mọ́ fún ohun tó ju wákàtí 2 lọ, ẹ dà á nù.

Láńre Alásè: Odindi páálí ẹja lẹ ní kí wọ́n dà nù yẹn o. Èmi ò gbà.

Àdùnní Ẹlẹ́ja: Tí iná bá lọ tó sì dé lóru ńkọ́? Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀?

Bàbá Oní-Fírísà: Ẹ jẹ́ kí omi dì nínú kọ́ọ̀bù kan, kí ẹ gbé òkúta wẹ́wẹ́ lé e lórí, kí kọ́ọ̀bù náà máa gbé inú fírísà. Tí ẹ bá bá òkúta náà nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti yọ́ rí nìyẹn, bó tilẹ̀ ti dì padà.

Ìyá Búkà Mọ́kọ́lá: Mo ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan. Adìyẹ ìsàlẹ̀ ṣì le gan-an. Ẹja tó wà lókè ti ń tẹ̀, ṣùgbọ́n ó tutù, yìnyín ṣì wà nínú ikùn rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Tèmítọ́pẹ́: Ẹ se ẹja tó ti ń tẹ̀ yẹn lónìí, màmá, kí ẹ tà á lónìí. Ẹ má dì í padà fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.